Àrán Tí Kànrìnkàn Kò Lè Fọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá ẹgbẹ́ àwọn onídìrí àti onígbàjámọ̀ sọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkéré-Èkìtì. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráàyè wá.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú àpèjọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ti ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó wá, àwọn oníbàárà sì ń pè yín lórí fóònù bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n pè yín ṣáájú àwọn mìíràn ni pé nínú ìlú yìí, kò sẹ́ni tó ń rí ẹ̀yìn ọrùn ènìyàn tó yín. Dókítà kì í sábà wo ibẹ̀. Ẹni tó ni ọrùn kò lè rí i, àfi tó bá fi dígí méjì wò ó. Ọkọ ilé lè má kíyè sí i fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ti ní kó tẹrí ba, ẹ ti fi ooyà ya irun sí méjì, ẹ sì ti rí i: ọrùn tó dú ju ojú lọ, tó dú ju èjìká lọ, tí ìlà rẹ̀ jinlẹ̀, tó rí bí ẹni pé wọ́n gé aṣọ àrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ.

Kí lẹ máa ń sọ nígbà tí ẹ bá rí i?

(Màmá kan níwájú ní, "A ó ní kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.)

Ẹ má rẹ́rìn-ín màmá, nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí, aṣọ funfun nọ́ọ̀sì sì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo sọ ọ́. Ó lé ní ogún ọdún báyìí. Ìyá kan wá kí a wọn ìfúnpá fún òun. Bó ṣe ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè ni mo rí abíyá rẹ̀ tó dúdú kirikiri, mo wo ọrùn, bákan náà. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ máa fi kànrìnkàn fọ ibẹ̀ yẹn dáadáa." Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, mo ń fọ̀ ọ́ títí ó fi ń bó." N kò gbà á gbọ́. Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá pẹ̀lú egbò ẹsẹ̀ tó ti ń rùn. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 380. Ọrùn rẹ̀ ti sọ fún mi ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, mo ní kó lọ wẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ìdọ̀tí. Òwú àti sípírítì wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo yín. Ẹ fi sípírítì rin òwú, ẹ fi nu ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má nù ún bí ẹni ń fọ ìkòkò. Bó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí tàbí òógùn tó gbẹ mọ́ ara ni, òwú á dúdú, awọ á sì mọ́. Bó bá jẹ́ awọ tó rí bí aṣọ àrán yẹn, èyí tí èmi ń pè ní àrán, òwú á jáde bó ṣe wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìka kan fọwọ́ kàn án. Àrán nípọn, ó rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka, ìlà rẹ̀ sì pọ̀ bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Kì í sábà yún ènìyàn. Ọ̀tún àti òsì ló máa ń wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan. Làpálàpá máa ń yún, ó sì máa ń ní etí róbótó. Ibi tí ẹ̀gbà ọrùn olówó pọ́ọ́kú bá bà jẹ́ kì í kọjá ibi tí ẹ̀gbà náà dé. Ibi tí rílásà bá jó, oníbàárà fúnra rẹ̀ á rántí ọjọ́ tó jó o. Àrán kì í ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní, "Bó ṣe wà láti ìgbà yẹn nìyẹn."

Ẹ tún máa wò ó bóyá àwọn hóró ẹran wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, èyí tó so rọ̀ lọ́rùn bí ẹ̀gún aṣọ. Bí àrán àti hóró bá jọ wà, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ lágbára ni. Oríkèé ìka ọwọ́, ìgbúnwọ́ àti ẹgbẹ́ itan lọ́hùn-ún náà máa ń ní in, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò ní rí itan ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni akantósíìsì nígíríkáǹsì. Ẹ má wulẹ̀ há a sórí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ohun inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé orí awọ.

Bí a bá jẹun, oúnjẹ á di ṣúgà, ṣúgà á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tó ń rán ìránṣẹ́ kan jáde, orúkọ ìránṣẹ́ náà ni ínsúlíìnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ kan ilẹ̀kùn ẹran ara, pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn gba oúnjẹ wọn, kó sì sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó má ṣe tú ṣúgà ti ara rẹ̀ síta mọ́. Lára ẹni tó ń rìn, tó ń ṣiṣẹ́, tí ikùn rẹ̀ kò yọ, ìránṣẹ́ kan á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ṣí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá ti pọ̀ ní ikùn, tí ẹsẹ̀ kì í kúrò níjòkòó, tàbí tó jẹ́ pé ìran ẹni ni, etí àwọn onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ìránṣẹ́ á kan ilẹ̀kùn, wọn ò ní dáhùn. Kí ni ara á ṣe? Á rán ìránṣẹ́ méjì, á rán márùn-ún, á rán ogún. Ohun tó jẹ́ ìpè jẹ́jẹ́ á di ariwo ládùúgbò.

Awọ ọrùn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n ó ní etí kan tó fi ń gbọ́ ìránṣẹ́ mìíràn, èyí tó ń sọ fún awọ pé kó dàgbà. Ohùn ínsúlíìnì sì jọ ohùn ìránṣẹ́ yẹn. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, awọ kò kà á sí. Nígbà tó di ariwo, awọ rò pé òun ni wọ́n ń pè, ó dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà níbi tí kò yẹ kó dàgbà. Ó nípọn, ó ṣẹ́ jọ bí aṣọ tí wọ́n ṣán pọ̀. Nípọn yẹn ni ojú ń rí bíi dúdú. Kì í ṣe pé àwọ̀ dúdú tuntun kan wọ ibẹ̀ lọ títí. Ìdí nìyẹn tí kànrìnkàn fi ń bó o tí kò fi lọ, ìdí nìyẹn náà tí ìpara ìbóra kò fi ní ohun tó máa bó níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nígbà tí ariwo yẹn ń lọ, àwọn onílé ṣì ń ṣílẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tipátipá ni. Ìyẹn ni pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣì lè wà níwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àrán kò sọ pé ṣúgà ti ga. Ó ń sọ pé ara ń fi agbára púpọ̀ mú un sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá rẹ ẹni tó ń rán ìránṣẹ́ ni ṣúgà á gòkè. Nítorí náà bí oníbàárà yín bá lọ yẹ ṣúgà wò ní kẹ́mísì, tí wọ́n ní "ó dáa," ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ẹ bi í pé: kí lo ti jẹ kí o tó lọ? Àárọ̀ ni tàbí ọ̀sán?

Àyẹ̀wò àárọ̀ ni a fẹ́. Kó má jẹ nǹkan kan fún ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ, omi lásán nìkan ló lè mu. Kó fọ ọwọ́, kó sì nù ún gbẹ. Mo ti rí ẹni tó bó ọsàn tán, tó na ìka, tí ẹ̀rọ sì kà á sí alátọ̀gbẹ, kó tó fọwọ́ tí a tún un yẹ̀ wò, tó sì já sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹ̀rọ bá kọ mg/dL, a fẹ́ kó wà lábẹ́ 100. Láti 100 dé 125, ó ti wà ní ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tó jẹ́ pé 110 ni wọ́n ti ń ka ẹnu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Bó bá di 126 sókè, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn ní yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó fi orúkọ àtọ̀gbẹ pè é.

Ẹ wo ojú ẹ̀rọ dáadáa. Ìyá kan wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn pé 6.8 ni ṣúgà òun, ó ti gbọ́ pé ti àwọn ẹlòmíràn jẹ́ 120. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ẹ̀rọ náà. mmol/L ló kọ sí. Ẹ fi 18 sọ 6.8 di púpọ̀, ẹ ó rí i pé bíi 122 ni.

Àyẹ̀wò kan tún wà tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, HbA1c ni wọ́n ń kọ sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó dára, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 5.7, àtọ̀gbẹ jẹ́ 6.5 sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ gbọ́kàn lé e, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ lára tó, àyẹ̀wò náà á sì máa sọ pé ṣúgà rẹ̀ kéré ju bó ṣe rí lọ. Bó bá jẹ́ AS, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan wà tí í ṣi í kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 27 ni, aránṣọ ni. Ẹni tó ń dirun fún un ló rán an sí mi. Ó wá tòun ti ìyá rẹ̀, ó ta gèlè mọ́ ọrùn nínú oòrùn. Nígbà tó tú gèlè, àrán ọrùn ti yí ká, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ pupa, ó ti bó. Ìyá rẹ̀ fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bẹ̀rẹ̀, ó kún un pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, nígbà tí kò lọ, wọ́n ra ìpara àpòpọ̀ lọ́jà. Ìpara náà ló jó o.

Mo gbé e sórí ìwọ̀n, kílò 94. Mo wọn ìbàdí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 108. Fún obìnrin, bó bá ti kọjá 88, ó yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀. Mo bi í nípa nǹkan oṣù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀. Ìyá ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní ó lè gba oṣù méjì, ó lè gba mẹ́ta kó tó wá. Irun wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tó máa ń fi bíléèdì fá. Ẹ̀yin onídìrí, ẹ dẹ etí sí èyí: àrán, irun àgbọ̀n àti nǹkan oṣù tó ń fò, ariwo ínsúlíìnì kan náà ló máa ń wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó ń dé ilé ẹyin obìnrin bó ṣe ń dé awọ.

Kẹ́mísì ti yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lọ́sàn-án kan, 118, wọ́n ní kò sí nǹkan. A tún un ṣe. Ní àárọ̀, kó tó jẹun, 109. Wọ́n wá fún un ní gíráàmù 75 ti gúlúkóòsì nínú omi, ó mu ún, ó jókòó fún wákàtí méjì láìrìn káàkiri, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀: 168. Kò yẹ kó kọjá 139. Bó bá jẹ́ 200, àtọ̀gbẹ ni. Ọmọ náà wà ní ẹnu ọ̀nà.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mẹtifọ́mìnì fún un, mílígíráàmù 500 pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, ó fi kún un díẹ̀díẹ̀ kí inú má bàa máa dà á láàmú. Èmi bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dìde, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé uyán lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?" Mo ní, "Rárá o, màmá, ta ló máa gba uyán lọ́wọ́ ọmọ Èkìtì?" Ohun tí mo gbà ni ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì tó ń mu lójoojúmọ́ lórí máṣíìnì. Uyán tó ń jẹ lálẹ́ tó fi ń sùn, mo ní kó gbé e wá sí ọ̀sán, kó mú un kéré sí ìdajì, kó fi ẹ̀fọ́ rírò gba ibi tó ṣófo nínú àwo. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù dípò ọ̀kadà, bíi ìṣẹ́jú 20 ní àlọ, 20 ní àbọ̀. Ó nira fún un lóṣù àkọ́kọ́. Lóṣù kejì ó sọ pé òun kì í sunkún mọ́ lórí òkè.

Lẹ́yìn oṣù méje, ó já sí kílò 86. Ṣúgà àárọ̀ di 96, ti wákàtí méjì di 131. Nǹkan oṣù rẹ̀ wá ní ìgbà mẹ́rin nínú oṣù márùn-ún. Ọrùn náà ńkọ́? Ohun tí gbogbo ènìyàn ń bèèrè nìyẹn. Rírọ̀ ló kọ́kọ́ rọ̀. Nípọn rẹ̀ lọ kí dúdú rẹ̀ tó lọ. Ìlà jinlẹ̀ méjì ṣì kù, n kò sì ṣèlérí fún un pé wọ́n á lọ tán. Ara ẹlòmíràn máa ń gbà ju ọdún kan lọ.

Kì í ṣe ti ọmọ yìí nìkan. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000 tó wà ní ẹnu ọ̀nà bíi tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí apá kan ṣe ni kí wọ́n dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Nínú 100 tó yẹ kó bọ́ sínú àtọ̀gbẹ láàárín wọn, 58 ni kò bọ́ sí i. Mẹtifọ́mìnì nìkan dá 31 dúró. Àwọn tó rìn ló borí àwọn tó lo oògùn.

Nípa ìpara, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má bínú sí mi. Púpọ̀ nínú àwọn àpòpọ̀ yẹn ní sítẹ́rọ́ìdì alágbára nínú, èyí tí kì í hàn lára ìgò. Ó máa ń mú kí awọ fẹ́lẹ́ bí ewé títí tí ìlà fi ń yọ ní abíyá. Bí wọ́n bá fi pa ara púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń gbé ṣúgà sókè. Ẹ wò ó: wọ́n fẹ́ fi bo àmì ṣúgà mọ́lẹ̀, òun gan-an ló tún ń gbé ṣúgà sókè. Ìpara tó bá ní yúríà tàbí oògùn tírẹ́tínóìnì tí dókítà kọ lè mú un rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní dí ẹnu ìránṣẹ́ tó ń pariwo.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún oníbàárà ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ má pariwo rẹ̀ níwájú àwọn tó ń dúró de irun. Nígbà tí ẹ bá ń fọ orí rẹ̀, tí ẹnu yín bá sún mọ́ etí rẹ̀, ẹ sọ pé, "Àǹtí, ẹ̀yìn ọrùn yín yìí kì í ṣe ìdọ̀tí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun." Ó tó. Ọmọdé náà wà nínú rẹ̀, ọmọ tó sanra tí wọ́n ń fi ọrùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àrán ló ní ọ̀rọ̀ ṣúgà. Àwọn kan bá a wáyé nínú ìdílé wọn. Àwọn oògùn kan máa ń fà á, lára wọn ni oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan àti sítẹ́rọ́ìdì tí ènìyàn gbé mì. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ sì mọ́ lè ní àtọ̀gbẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọrùn ẹ̀ yangàn.

(Bàbá onígbàjámọ̀ kan dìde lẹ́yìn. Ó ní oníbàárà òun kan wà, àgbàlagbà, tí kò sanra rí. Láàárín oṣù mẹ́ta ni ọrùn àti abíyá rẹ̀ dúdú, ó ń yún un, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti le, ó ní ìlà bí àpòlúkù ẹran. Ó tún ń rù. Ó ní ṣé òun náà máa lọ yẹ ṣúgà wò ni?)

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èyí tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ máa ń wá jẹ́jẹ́, lára ẹni tó sanra, ó sì máa ń pẹ́. Èyí tó bá sáré wá lára àgbà tó ń rù, tó dé àtẹ́lẹwọ́ tàbí ètè, kì í ṣe ṣúgà ni mo kọ́kọ́ ń rò. Ó lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ inú, àpòlúkù pàápàá. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró dè wá. Ẹ má ní kó lọ sí kẹ́mísì. Lọ́la, kí ọjọ́ tó gòkè, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ han dókítà kí wọ́n tó bèèrè nǹkan mìíràn.